Owó ìpamọ́ fún oṣù tí iṣẹ́ ẹwà bá dá: èló ni kí n tọ́jú, láti inú oṣù wo?

Onígèlè Òkè-Àje

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Gèlè àti méékọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì máa ń dirun díẹ̀. Àwọn tó mọ ìlú yìí á ti mọ bí iṣẹ́ wa ṣe ń rìn. Tí Iléyá bá dé, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń múra Ojúde Ọba, a kì í rí ààyè jẹun. Dìsẹ́ńbà náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Jánúárì títí di Àjíǹde, èmi àti ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á jókòó, a ó máa wo títì.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ owó sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti yọ owó ọjà àti owó ọkọ̀ nìyí: Ọkitóbà ọdún tó kọjá ₦200,000, Nọ̀fẹ́ńbà ₦250,000, Dìsẹ́ńbà ₦420,000. Nígbà tí ọdún yí, Jánúárì ₦90,000, Fẹ́búárì ₦120,000, Máàṣì ₦70,000, Épírì ₦130,000. Júùnù tí Iléyá bọ́ sí mú ₦290,000 wá.

Ìnáwó mi kì í yẹ̀: iná àti epo jẹnẹrétọ̀ ₦30,000, ọmọbìnrin yẹn ₦40,000, ilé mi ₦90,000. ₦160,000 lóṣù nìyẹn. Owó ṣọ́ọ̀bù ₦240,000 ni lọ́dún, Jánúárì ló máa ń pé.

Ìbéèrè mi ni pé èló gan-an ni kí n máa pa mọ́, oṣù wo ni kí n sì ti yọ ọ́? Mi ò fẹ́ tún yá owó ní Máàṣì tó ń bọ̀.

Báábà Ìpẹ̀rù

Àǹtí, ẹ má jókòó sí ṣọ́ọ̀bù máa wo títì. Ẹ tẹ̀lé oníbàárà lọ sílé. Ní ìgbà ààwẹ̀, àwọn obìnrin kì í fẹ́ jáde lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣínu tán, wọ́n á fẹ́ kí ẹnì kan wá bá wọn di irun ọmọ wọn. Ẹ fi sórí Wásáàpù yín pé ẹ ń ṣe ti ilé. Tèmi ò dá rárá, nítorí irun orí ọkùnrin kò mọ ààwẹ̀. Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé, ìjókòó mi kì í ṣófo.

Onígèlè Òkè-Àje

Ẹ ṣé gan-an, bùrọ̀dá. Màá gbìyànjú ti irun ọmọdé yẹn. Ṣùgbọ́n gèlè àti méékọ́ọ̀pù ayẹyẹ ló ń gbé mi ró, tí kò bá sí ayẹyẹ, kò sí ẹni tí yóò pè mí wá sílé rẹ̀. Ti owó tó ti wọlé ní Dìsẹ́ńbà ni mò ń béèrè, bí yóò ṣe dúró dè mí di Épírì.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Alájọ ni ìdáhùn rẹ. Ohunkóhun tó bá wọlé lóòjọ́, yọ ìdá mẹ́wàá rẹ̀ fún un, ì báà jẹ́ ₦500, ì báà jẹ́ ₦10,000. Má fi ọjọ́ kan sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe ní Sábó níbí nìyẹn. Owó tí kò bá sí nílé, ọmọ ò lè bá ọ ná an. Lóòótọ́ alájọ á yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí, nítorí òun ló ń fẹsẹ̀ rìn wá bá mi.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú àárọ̀ o. Àbúrò mi Onígèlè, o ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ṣe, o kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà onídìrí ni, mo sì ti ń kọ ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lágbègbè wa fún ìgbà pípẹ́. Jẹ́ kí n bá ọ ka ohun tí o kọ.

Ìyá Ìbejì tọ̀nà pé kí owó kúrò nílé, wọ́n sì tọ̀nà pé kí a máa yọ ọ́ kí a tó náwó. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn ni ìdá mẹ́wàá yẹn. Tí o bá yọ ìdá mẹ́wàá nínú Ọkitóbà, Nọ̀fẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà rẹ, ₦87,000 lo máa rí. Kò ní gbé ọ dé òpin Fẹ́búárì. Tó bá sì di Máàṣì, ìdá mẹ́wàá tún ń yọ ₦7,000 nínú ₦70,000 tí kò tó ọ jẹ. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn oṣù tó sanra àti oṣù tó rù. Kì í ṣe iye tó wọlé ló yẹ kó sọ ohun tí wàá pa mọ́. Ihò tó wà níwájú ni kí ó sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ wọn ihò náà. Jẹ́ kí a fi owó ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. ₦160,000 lo ń ná lóṣù. Jánúárì mú ₦90,000 wá, ihò rẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Ti Fẹ́búárì ₦40,000, ti Máàṣì ₦90,000, ti Épírì ₦30,000. Kó wọn pọ̀, ₦230,000 ni. Iye tí owó ìpamọ́ rẹ gbọ́dọ̀ tó ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn Dìsẹ́ńbà nìyẹn. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o pín gbogbo owó ọdún sí méjìlá kí o wo ohun tó bá kan oṣù kan. Má ṣe é bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé, ó lè dà bíi pé owó rẹ tó ọ lọ́dún, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin tó gbẹ tẹ̀ léra wọn ló ń pa oníṣòwò. Àròpọ̀ àwọn oṣù tó tẹ̀ léra ni kí o wò.

Ibi tí owó náà ti máa wá wà nínú ìwé rẹ. Tí ọdún yìí bá rí bí ti èṣí, lẹ́yìn ₦160,000, Ọkitóbà á ṣẹ́ ₦40,000 kù, Nọ̀fẹ́ńbà ₦90,000, Dìsẹ́ńbà ₦260,000. ₦390,000 ni gbogbo rẹ̀. Ó ju ihò náà lọ.

Onígèlè Òkè-Àje

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ló ń dẹ́rù bà mí. Tí mo bá yọ ₦240,000 fún onílé ní Jánúárì, ₦150,000 péré ló kù nínú ₦390,000 yẹn.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, inú mi sì dùn pé ìwọ fúnra rẹ lo rí i. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe àìsí oníbàárà nìkan ló ń fa gbèsè Fẹ́búárì. Owó ṣọ́ọ̀bù tó bọ́ sí oṣù tó gbẹ jù ló ń fà á.

Ihò ₦230,000 àti onílé ₦240,000 jẹ́ ₦470,000. ₦390,000 lo ní. ₦80,000 ló ń dín. Ọ̀nà méjì ló wà fún ọdún yìí. Èkínní, lọ bá onílé rẹ nísinsìnyí, má dúró di Jánúárì. Sọ fún un pé o fẹ́ san ìdajì ní Jánúárì, ìdajì lẹ́yìn Iléyá, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé fún ọ. Ẹni tó bá wá kí owó tó pé, onílé á gbọ́ tirẹ̀ ju ẹni tó ń sá fún un lọ. Tí ó bá gbà, ₦120,000 ni Jánúárì rẹ, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦350,000, ₦40,000 á sì kù ní ẹ̀gbẹ́. Tí kò bá gbà, ilé rẹ ni yóò fara dà á. Láti Jánúárì dé Épírì, mú ₦70,000 lọ sílé dípò ₦90,000. Oṣù mẹ́rin lọ́nà ₦20,000 ni ₦80,000 tó ń dín yẹn. Kò ní tu ọ́ lára, mi ò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju gbèsè elélé lọ.

Láti oṣù Karùn-ún dé Dìsẹ́ńbà, owó ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀, ₦30,000 lóṣù, kí ₦240,000 lè pé ní Jánúárì. Má dà á pọ̀ mọ́ owó ìgbà ọ̀dá.

Ohun kan tún kù, ìwé ọdún kan lè tan ọ́ jẹ. Lọ́dún 2025 yìí, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì, Lẹ́ńtì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, Àjíǹde sì di 20 Épírì. Ìdí nìyẹn tí Épírì rẹ fi rù. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í so yìgì nígbà Lẹ́ńtì, àwọn mùsùlùmí kì í sì í fẹ́ ṣe nìkáà nígbà ààwẹ̀. Lọ́dún 2026, ààwẹ̀ méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 18 Fẹ́búárì, Ìtúnu ààwẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 20 Máàṣì, Àjíǹde jẹ́ 5 Épírì. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó kí ààwẹ̀ tó dé yóò kó ara rẹ̀ sí Sátidé 7 àti Sátidé 14 Fẹ́búárì. Ìyẹn ni pé ìdajì àkọ́kọ́ Fẹ́búárì rẹ lè mú owó wá, Épírì náà á sàn. Ẹ kọ Sátidé méjèèjì yẹn sílẹ̀ báyìí kí àwọn ìyàwó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò ṣe ojú wọn.

Iléyá náà ń sún sẹ́yìn bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. 6 Júùnù ni ti ọdún yìí, Ojúde Ọba sì jẹ́ 8 Júùnù. Ti 2026 á bọ́ sí nǹkan bí 27 oṣù Karùn-ún. ₦290,000 tó wà lábẹ́ Júùnù nínú ìwé rẹ kì í ṣe ti Júùnù, ti Iléyá ni. Tí o bá ń dúró dè é ní Júùnù tó ń bọ̀, wàá rí i pé ó ti wọlé ní oṣù Karùn-ún, bóyá o ti ná an. Kọ orúkọ ọdún àti ayẹyẹ sí ẹ̀gbẹ́ owó nínú ìwé rẹ, kí o má kọ oṣù nìkan.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìṣirò yìí wà fún àwa tó wà nítòsí yunifásítì? Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni mo wà, èékánná àti ìpéǹpéjú ni mò ń ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ Babcock ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Iléyá ò kàn mí. Tí wọ́n bá ti gba ọlidé, ìlú á dákẹ́. Dìsẹ́ńbà tí ẹ̀yin ń rí owó, èmi ni mo ń wá a.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ó wà fún ọ. Ìwé kàlẹ́ńdà ọmọ ilé-ìwé ni kí o fi rọ́pò ti ààwẹ̀. Ọlidé tó gùn jù ni kí o wọn, má wọn ti ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí o ṣọ́ra fún: oníbàárà rẹ ti ibì kan ṣoṣo wá. Ti Onígèlè pín sí ọ̀nà púpọ̀, ìgbéyàwó, Iléyá, òkú, ìwúyè. Tí ilé-ìwé bá tì láìròtẹ́lẹ̀, tìrẹ tì pẹ̀lú rẹ̀. Nínú 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba gba oṣù mẹ́jọ. Kò kan ilé-ìwé aládàáni bíi ti ìlú yín, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì ìjọba rí i. Tèmi bá ni, màá pa ìdajì oṣù kan mọ́ lé orí ihò tí mo wọ̀n.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo gbọ́ ìṣirò yín, mo sì gbà pé ìdá mẹ́wàá mi kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Owó tó bá jókòó láti Dìsẹ́ńbà di Máàṣì, ọjà ń jẹ ẹ́. Páálí àtáṣímẹ́ǹtì tí mo rà ní Nọ̀fẹ́ńbà kì í ṣe iye yẹn mọ́ ní Máàṣì. Èmi máa ń kó owó mi sínú àtáṣímẹ́ǹtì àti rílásà. Tí owó bá wọ́n, màá ta páálí kan fún àwọn aládùúgbò. Ọjà ni báǹkì mi.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Nínú ọdún tí ọjà ń gbówó lórí kíákíá, ẹni tó ra ọjà jèrè ju ẹni tó pa owó mọ́ lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé Máàṣì tí ẹ̀yin ń wá owó, àwọn onídìrí tó kù náà ń wá owó. Wọ́n mọ̀ pé ó kán yín lójú, wọ́n á ra páálí yín ní iye tó bá wù wọ́n. Àwọ̀ irun tó gbajúmọ̀ ní Dìsẹ́ńbà lè di ohun tí ẹnikẹ́ni ò wò mọ́ kí Àjíǹde tó dé. Ti Onígèlè tún burú jù, nítorí ọjà méékọ́ọ̀pù ń bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò fandéṣọ̀n, ẹ máa rí àwòrán ìkòkò kékeré tó ṣí ìdérí pẹ̀lú 12M tàbí 6M. Iye oṣù tó lè lò lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i nìyẹn. Ẹ má ṣí i títí ẹ fi nílò rẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù ọmọ ò sì gba páálí irun.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé owó Jánúárì àti Fẹ́búárì wà ní owó, nítorí ó sún mọ́. Nínú ti Máàṣì àti Épírì, mo máa ń ra ohun tí mo mọ̀ dájú pé èmi fúnra mi máa lò fún Àjíǹde, ìyẹn àtáṣímẹ́ǹtì dúdú lásán àti òwú. Mi ò ra ohun tí mo ní láti tà.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Ó dáa, ṣùgbọ́n èmi ò tíì kúrò lórí ọjà mi o.

Aránṣọ Ìkẹ́nnẹ́

Mo ń ránṣọ ni, ṣùgbọ́n oníbàárà kan náà ni wá, nítorí ẹni tó bá wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi ló ń wá gèlè lọ́dọ̀ yín. Mo ní ìbéèrè kan. Ní oṣù yìí, àwọn ìyàwó Dìsẹ́ńbà ti ń san àsansílẹ̀. Ṣé ẹ kà á mọ́ owó Ọkitóbà ni?

Onígèlè Òkè-Àje

Mo kà á, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mẹ́rin ti san ìdajì fún mi báyìí.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Má kà á o, àbúrò. Owó ìyàwó ni títí di Sátidé tí o bá ṣe ojú rẹ̀ tán. Tí o bá kà á mọ́ Ọkitóbà, Ọkitóbà á dà bíi pé ó sanra, wàá náwó bí ẹni tó sanra, Dìsẹ́ńbà á wá rù láìròtẹ́lẹ̀, nítorí ìdajì owó rẹ̀ ti lọ ṣáájú. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa: tí gbogbo àwọn tó san àsansílẹ̀ bá pè lónìí pé ayẹyẹ ti sún síwájú, ṣé owó wọn wà níbẹ̀ láti dá padà? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, gbèsè ni o ń jẹ, o ò sì tíì mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí o lè fi àsansílẹ̀ rà kí ọjọ́ tó pé ni ọjà tí o máa lò fún ìyàwó yẹn gan-an. Èyí tó kù, kó o sí ibi tí o kò ní fọwọ́ kàn.

Torí náà tún ìwé èṣí rẹ wò. Tí àsansílẹ̀ bá wà nínú ₦200,000 ti Ọkitóbà yẹn, gbé e lọ sí Dìsẹ́ńbà. Ihò rẹ ò ní yí padà, nítorí Jánúárì sí Épírì ni. Ṣùgbọ́n wàá mọ̀ pé Dìsẹ́ńbà ni yóò gbé owó ìpamọ́ náà dúró, Ọkitóbà ò ní lè ràn ọ́ lọ́wọ́ tó bí o ṣe rò.

Báábà Ìpẹ̀rù

Mo ti yé ìbéèrè náà báyìí, ẹ má bínú. Èsúsú ńkọ́? Àwa mẹ́wàá la wà nínú tiwa, ₦30,000 lóṣù, ẹnì kan á kó ₦300,000. Tí àǹtí bá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún un ní oṣù Máàṣì, ṣé kò tán?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ó dára tí ó bá rí Máàṣì gbà, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé èsúsú kì í sinmi. ₦30,000 yẹn á máa pé ní Jánúárì àti Fẹ́búárì pẹ̀lú, nígbà tí kò sí iṣẹ́. Ihò ₦70,000 ti Jánúárì á di ₦100,000 kí ó tó kó. Tí ó bá sì jẹ́ Nọ̀fẹ́ńbà ló kó tirẹ̀, gbèsè ló gbé wọ inú ọ̀dá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé èsúsú wà fún ohun tí a fẹ́ rà, bí ẹ̀rọ ìgbẹ́run. Fún ìgbà ọ̀dá, èmi fẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí àkáǹtì báǹkì tí kò ní káàdì, tó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo gbọ́dọ̀ rìn lọ sí káńtà kí o tó gbà á.

Bí wàá ṣe máa yọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Má ṣe yọ ihò oṣù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Dúró di òpin, ka ohun tó wọlé, yọ iye tó kù kí ó tó ₦160,000, tàbí ₦140,000 tí onílé ò bá gbà. Ní òpin Fẹ́búárì, wo ohun tí o ti yọ. Tí ó bá kọjá ₦110,000, ìyẹn ₦70,000 àti ₦40,000, tàbí ₦70,000 tí onílé ò bá gbà, ìwọ̀n náà ti ṣìnà, kí o tètè dín ohun tí ò ń mú lọ sílé kù kí Máàṣì tó dé. Tí ó bá kéré sí i, fi èyí tó kù síbẹ̀. Ní 2020 tí kórónà dé, wọn ò ṣe Ojúde Ọba, ẹni tó ti gbé gbogbo ojú rẹ̀ lé Iléyá ò ní nǹkankan. Tí Iléyá tó ń bọ̀ bá dára, jẹ́ kí ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ wọ inú owó ìpamọ́ náà.

Onígèlè Òkè-Àje

Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́la ni mo ń lọ bá onílé. Ẹyọ kan ló kù tó ń dùn mí. Ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi, ₦40,000 rẹ̀, ṣé kí n san án pé ní Máàṣì tí iṣẹ́ ò sí, àbí kí n ní kí ó máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta péré, kí n san ìdajì?

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

San ìdajì jàre. Òun náà rí i pé kò sí iṣẹ́.

Aránṣọ Ìkẹ́nnẹ́

Mi ò gbà. Ẹni tí o san ìdajì fún ní Máàṣì ló máa ti gba iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nígbà tí Ojúde Ọba bá dé, ìgbà yẹn ni o sì nílò ọwọ́ rẹ̀ jù. Ọmọ méjì ló ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Mi ò ní ìdáhùn kan ṣoṣo sí èyí, àbúrò. Èmi máa ń san án pé, mo sì ti kà á mọ́ ihò mi, gẹ́gẹ́ bí o ti ṣe nínú ₦160,000 yẹn. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ dín in, pè é jókòó ní Dìsẹ́ńbà, nígbà tí owó wà, kí ẹ jọ fẹnu kò. Má jẹ́ kí ó gbọ́ ọ ní òpin Máàṣì. Ẹ̀yin tó kù, báwo ni ẹ̀ ń ṣe tiyín?